Ta Ni Ìkéde Yín Ń Lé Lọ? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Kíkọ Ìkéde Àyè Iṣẹ́

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ìkéde àyè iṣẹ́: bí a ṣe lè kọ ọ́ tí ẹni tó yẹ yóò fi wá, tí a kò sì ní fi ọ̀rọ̀ lé ẹni tí kò ṣẹ̀ wá kúrò lẹ́nu ọ̀nà. N kò ní kárí gbogbo iṣẹ́ ayé. Ìkéde kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tú palẹ̀ lójú yín, kí a sì tún un hun.

Ìkéde náà nìyí. Èmi ni mo kó o jọ, ṣùgbọ́n kò sí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ tí ẹ kò tíì rí rí lára ògiri, lára òpó iná tàbí lórí Wasáàpù:

"A ń wá sítọ́kípà fún dìpó ńlá kan ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn. Ọmọbìnrin tó rẹwà, tí kò tíì lọ́kọ, tí ara rẹ̀ le, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju 25 lọ. Kí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá, kí ó sì jẹ́ onígbàgbọ́ àtúnbí. Ó gbọ́dọ̀ ní oyè yunifásítì, èsì rẹ̀ kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 2:1 lọ, kí ó sì ti sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ìrírí ọdún 5. Kí ilé rẹ̀ wà nítòsí Dùgbẹ̀. Owó oṣù tó jọjú. Fi orúkọ, ọjọ́ orí àti fọ́tò rẹ ránṣẹ́ sórí Wasáàpù."

Kí a tó fọwọ́ kan ìkéde yìí, ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹni tó kọ ọ́ kò dé. Dìpó náà ń ta mílíìkì, ohun mímu inú agolo, ìndòmí àti ìrẹsì fún àwọn alátùn-úntà. Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ni sítọ́kípà ń ṣí sítọ́ọ̀. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ọkọ̀ akẹ́rù dé. Dírẹ́bà na wébíìlì sí i: páálí mílíìkì 120. Àwọn alábàárù ti ń já ẹrù, ariwo ti sọ, dírẹ́bà ń kánjú, ó ní òun ṣì ń lọ sí Ọ̀yọ́. Sítọ́kípà ka ohun tó wọlé, ó bá 118. Méjì nínú rẹ̀ sì ti rin, ìsàlẹ̀ páálí ti rọ̀. Bí ó bá kàn fọwọ́ sí wébíìlì náà, páálí mẹ́rin ti di gbèsè sí ọ̀gá rẹ̀ lọ́rùn nìyẹn. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kí ó kọ ọ́ sára ẹ̀dà méjèèjì pé 118 ni òun gbà, pé méjì nínú rẹ̀ ti bàjẹ́, kí dírẹ́bà fọwọ́ sí ohun tó kọ yìí, kí òun náà tó wá fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ ọ́ sínú káàdì ọjà, yóò to èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sẹ́yìn, yóò fa èyí tí ọjọ́ rẹ̀ máa tètè pé síwájú. Ní ìparí oṣù, òun àti ẹlòmíràn yóò ka gbogbo ọjà tó wà nílẹ̀, wọn yóò sì fi wé ohun tó wà nínú ìwé.

Iṣẹ́ sítọ́kípà nìyẹn. Ó gba ojú tó ń ka nǹkan dáadáa, ọwọ́ tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, orí tó mọ ìṣirò, àti àyà tó lè sọ fún dírẹ́bà pé kò níí lọ títí ìwé yóò fi pé. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ máa bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan inú ìkéde yín ni pé: èwo nínú àwọn iṣẹ́ yìí ni ìwọ ń tọ́ka sí? Èyí tí kò bá rí nǹkan tọ́ka sí, iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe níbẹ̀, iṣẹ́ náà kì í sì í sábà dára.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọjọ́ orí. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 6 yóò lo ọdún 6 níbẹ̀, ó di 12. Ọdún 6 ní girama, ó di 18. Bí ó bá wọ yunifásítì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, èyí tí kì í rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀, tó sì lo ọdún 4, ó di 22. Ọdún kan fún àgùnbánirọ̀, ó di 23. Ìrírí ọdún 5, ó di 28. A kò tíì ka ìyanṣẹ́lódì sí i o. Lọ́dún 2022 nìkan, láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá ni àwọn olùkọ́ yunifásítì fi yanṣẹ́ lódì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ṣe fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún 2020. Ẹni ọdún 25 tí ìkéde yìí ń wá kò sí, àfi ẹni tó tètè wọ ilé ẹ̀kọ́ gan-an tàbí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Àwọn tí yóò dáhùn ni àwọn tó ti lọ búra ọjọ́ orí tuntun ní kóòtù. Ẹ wo ohun tí ọ̀gá wa ti ṣe: ó ń wá ẹni tí yóò kọ òótọ́ sínú káàdì ọjà, ẹnu ọ̀nà tó sì ní kó gbà wọlé, irọ́ nìkan ló gbà á.

Bí a bá bi ọ̀gá pé kí ló dé tó fi kọ 25, yóò ní òun kò fẹ́ ẹni tí yóò máa bá òun jiyàn, tàbí pé ọ̀dọ́ ló mọ kọ̀ǹpútà. Kí ó kọ kọ̀ǹpútà nígbà náà. "Kí ó lè fi Excel ṣe àkọsílẹ̀ ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde" jẹ́ ohun tí a lè dán wò ní ìṣẹ́jú 10, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún 22 tàbí ìyá ọdún 47. Ti pé kò gbọdọ̀ jiyàn ńkọ́? Ẹni tí kò lè jiyàn kò ní lè bá dírẹ́bà jiyàn.

Gbólóhùn "ọmọbìnrin tó rẹwà, tí kò tíì lọ́kọ" ni mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀, torí pé ó ń ba ìkéde jẹ́ ju bí ẹni tó kọ ọ́ ti rò lọ. Àwọn kan fẹ́ obìnrin nítorí wọ́n gbà pé obìnrin kì í jalè tó ọkùnrin. Àwọn kan fẹ́ ọkùnrin nítorí wọ́n rò pé sítọ́ọ̀ kì í ṣe ibi obìnrin. Ìdí méjèèjì kò sí nínú wébíìlì. Ní ti ẹwà, ẹ fi ara yín sí ipò obìnrin tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú, tó ti ṣe sítọ́kípà rí, tó wá rí i pé ọ̀gá kan ń béèrè ẹwà lọ́wọ́ ẹni tí yóò máa ka páálí nínú yàrá tí kò ní fèrésé. Ohun tó máa wá sí i lọ́kàn kì í ṣe iṣẹ́. Yóò tẹ̀ síwájú láìwẹ̀yìn, ó sì tọ̀nà. Ọ̀gá lè má ní èrò ibi rárá, ó kàn lè jẹ́ pé ó rí i nínú ìkéde ẹlòmíràn ló fi dà á kọ. Ẹni tó dára jù ti kọjá lọ ná.

Ti àìlọ́kọ ní ìdí kan tí àwọn ọ̀gá kì í fẹ́ sọ síta: ìsinmi ìbímọ. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ síta kí a sì ṣírò rẹ̀. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ní abala 54, fún obìnrin tó fẹ́ bímọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12: mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ti lo oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu iṣẹ́, owó tí agbanisíṣẹ́ yóò san fún un kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì owó oṣù rẹ̀. Bí owó oṣù bá jẹ́ ₦90,000, ìdajì rẹ̀ jẹ́ ₦45,000, fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta ó jẹ́ nǹkan bí ₦135,000. Owó ni, n kò sọ pé kì í ṣe owó. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítọ́kípà tí kò mọṣẹ́, tó ń fọwọ́ sí páálí mẹ́rin tí kò wọlé tàbí tó ti bàjẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì sọ fún mi èwo ló wọ́n jù. Ọmọbìnrin tí kò lọ́kọ lónìí sì lè ṣe ìgbéyàwó lọ́dún tó ń bọ̀. Ìkéde kò lè dá ìyẹn dúró.

Ní ìlú Pittsburgh nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ìwé ìròyìn Pittsburgh Press máa ń to ìkéde iṣẹ́ sábẹ́ àkọlé ọkùnrin àti àkọlé obìnrin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí àjọ ìlú náà ní kí wọ́n jáwọ́, ìwé ìròyìn náà lọ sílé ẹjọ́, ó ní òmìnira oníròyìn ni wọ́n ń tẹ̀ lójú. Lọ́dún 1973, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ dá ìwé ìròyìn lẹ́bi, adájọ́ 5 sí 4. Mo mẹ́nu bà á nítorí ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ìkéde fún ẹlòmíràn, tí ẹ máa ń sọ pé oníbàárà ló ní ọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ṣé kò wá sí iṣẹ́ tó lè béèrè obìnrin tàbí ọkùnrin, tàbí ẹlẹ́sìn kan pàtó, ni? Ó wà, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Ẹni tí yóò máa sùn ní ilé ìbùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, tí yóò máa wọ yàrá wọn lóru, a lè sọ pé obìnrin ni kó jẹ́. Mọ́ṣáláṣí tó ń wá lèmọ́mù, mùsùlùmí ló ń wá. Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló béèrè rẹ̀ níbẹ̀, ọ̀gá kọ́ ló ń béèrè. Ohun tó yẹ ni kí a kọ ìdí rẹ̀ sínú ìkéde ní gbólóhùn kan. Bí ẹ bá tijú láti kọ ìdí náà síta, ẹ ti mọ̀ pé kò tó ìdí.

Mo bọ́ sórí "kí ara rẹ̀ le". Ta ló ń gbé ẹrù ní dìpó yìí? Àwọn alábàárù ni. Àpò ìrẹsì kílò 50 kò kan sítọ́kípà, kíkà ló kàn án. Nígbà náà, ẹni tó ń fi igi rìn lè ṣe iṣẹ́ yìí, adití tó mọ̀wé lè ṣe é. Bí ó bá jẹ́ pé ó máa ń gbé páálí kan láti ibì kan sí ibì kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé páálí náà sórí ìwọ̀n, kí ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìkéde, kí ẹ sì kọ bí ó ṣe máa ń wáyé tó. Olúkúlùkù mọ ohun tí ẹ̀yìn rẹ̀ lè gbé. Ẹ tún lè fi gbólóhùn kan kún un nípa ibi iṣẹ́: ìsàlẹ̀ ilé ni sítọ́ọ̀ wà, kò sí àtẹ̀gùn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn yóò mọ̀ pé ẹ ti ro ti òun.

Níbí ni òfin ti mú jù. Òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn akanda ẹ̀dá léèwọ̀, tí wọ́n ń pè ní ti ọdún 2018, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, kò yọ aládàáni sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀ lè san ìtanràn mílíọ̀nù kan náírà; ẹnì kan ṣoṣo lè san ₦100,000, tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Òfin ọdún 2014 lórí àrùn HIV náà kò jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ fi àyẹ̀wò àrùn náà ṣe ẹnu ọ̀nà iṣẹ́. Ẹ máa rí ìkéde tó ní kí olùwáṣẹ́ mú èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bọ̀. Ẹ má kọ ọ́.

Ní ti ẹ̀yà, ẹ̀sìn àti ìbí, abala 42 ìwé òfin ọdún 1999 ni ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí. Kí n sọ ọ́ bó ti rí: òfin ìjọba àti ìṣe ìjọba ni ọ̀rọ̀ abala náà dojú kọ ní tààrà, ìyẹn ló mú kí àwọn ọ̀gá aládàáni kan máa fọwọ́ sọ̀yà. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé kọkànléláàádọ́fà ti àjọ òṣìṣẹ́ lágbàáyé, èyí tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, láti ọdún 2002. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ìwé òfin sì ti fún ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní agbára láti lo irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ bí ẹjọ́ bá dé iwájú rẹ̀. Agbẹjọ́rò olùwáṣẹ́ mọ ọ̀nà yẹn. Ìkéde tí a tẹ̀ jáde sì rèé, ẹ̀rí tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ ni.

"Ọmọ Yorùbá" nínú ìkéde yìí, èdè ni ọ̀gá ní lọ́kàn. Àwọn ìyá tó ń wá rajà kò gbọ́ èdè mìíràn. Ẹ kọ èdè náà: "Kí ó gbọ́ Yorùbá, kí ó sì lè sọ ọ́ dáadáa." Ọmọ Hausa tí wọ́n bí sí Ṣábó, ọmọ Ígbò tó dàgbà sí Mókọ́lá, Yorùbá ẹnu wọn lè dùn ju ti ọmọ Yorùbá tó dàgbà sí Àbújá lọ.

Ní ti "onígbàgbọ́ àtúnbí", ìgbẹ́kẹ̀lé ni wọ́n ń wá, n kò sì bá wọn wí pé wọ́n ń wá a. Sítọ́kípà ló di kọ́kọ́rọ́ mú. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣọ́ ọjà ni onídùúró, ìwé láti ọwọ́ ọ̀gá àná, kíkà ọjà lóṣooṣù, àti pé kí ènìyàn méjì fọwọ́ sí ohun tó bá jáde. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ óò béèrè onídùúró méjì, kí ẹ sì kọ ọ́ pé a máa ń ka ọjà lóṣooṣù. Olè tó bá ka ìyẹn yóò wá ibòmíràn lọ. Ẹ ṣọ́ra nípa onídùúró pàápàá. Àwọn kan ń béèrè òṣìṣẹ́ ìjọba onípele 12 sókè. Ọmọ alágbẹ̀dẹ tí kò mọ ẹnì kankan ní sẹkitéríàtì ti ṣubú níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, tàbí olórí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, mọ̀ ọ́n ju òṣìṣẹ́ ìjọba kankan lọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n fún ọdún 2 ó kéré tán, tó ní àdírẹ́sì tí a lè lọ yẹ̀ wò, ó ti tó. Bí ẹ bá sì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Sunday tàbí ní aago Jímọ̀, ẹ kọ àkókò iṣẹ́ sílẹ̀ kedere. Olùwáṣẹ́ ni yóò wo ẹ̀sìn tirẹ̀ mọ́ ọn.

Ìwé ẹ̀rí ńkọ́? Kíkà páálí kò béèrè oyè yunifásítì, áńbọ̀tórí 2:1. Ẹni tó yege ìdánwò àṣejáde girama, tó ní ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú rẹ̀, tó ti tọ́jú ọjà rí, yóò ṣe é. Bí ẹ bá gba ẹni tó ní 2:1, yóò máa wá iṣẹ́ mìíràn kiri láti ọjọ́ kejì, ẹ óò sì tún máa lẹ ìkéde mọ́ ògiri kí ọdún tó yí. Ọ̀rọ̀ "ìrírí ọdún 5" náà fẹ́ àtúnṣe, torí ìrírí ọdún kan lè di èyí tí ènìyàn tún ṣe nígbà márùn-ún láìkọ́ nǹkan kún un. Ẹ béèrè ohun tó ti ṣe: ṣé ó ti gba ọjà wọlé pẹ̀lú wébíìlì rí, ṣé ó ti ṣètò kíkà ọjà ìparí oṣù rí? Ẹ sì jẹ́ kó hàn pé ibikíbi tó ti ṣe é ni yóò gba máàkì. Obìnrin tó bójú tó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ fún ọdún 3, tí kò ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ kankan, kì í ka ara rẹ̀ mọ́ ẹni tó nírìírí àyàfi tí ẹ bá sọ fún un.

"Sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀" lè dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni tó parí yunifásítì lẹ́yìn tó ti lé ní 30 ọdún kì í lọ àgùnbánirọ̀; ìwé ìyọ̀ǹda ni wọ́n ń fún un, òfin sì kà á sí. Bí ẹ bá yọ ọjọ́ orí kúrò lókè, tí ẹ wá fi "ó gbọ́dọ̀ ti ṣe àgùnbánirọ̀" sílẹ̀ nísàlẹ̀, ọjọ́ orí ti gba ojú fèrésé padà wọlé. Níbi tí iṣẹ́ bá béèrè oyè lóòótọ́, gbólóhùn tó pé ni "ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ tàbí ìwé ìyọ̀ǹda". Níbi iṣẹ́ sítọ́kípà wa yìí, a kò nílò èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ó ku ilé àti owó, òkò kan ni mo fi ń sọ méjèèjì. Ọ̀gá kọ "nítòsí Dùgbẹ̀" torí pé ìlẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ṣí ní aago méje ààbọ̀. Kí ó kọ aago méje ààbọ̀. Ẹni tó ń gbé Apẹ̀tẹ́ tàbí Ojóò mọ ìgbà tí òun lè jí, ó sì mọ iye tí yóò fi wọkọ̀ lóòjọ́. Ohun tí kò mọ̀ ni iye tí ẹ fẹ́ san, torí pé "owó tó jọjú" kò sọ nǹkan kan. Láti oṣù keje ọdún 2024 ni owó oṣù tó kéré jù lọ lórílẹ̀-èdè yìí ti di ₦70,000. Bí ẹ bá kọ ₦85,000 sí ₦95,000, ẹni tí kò lè gbà á kò ní fi àsìkò yín ṣòfò, ẹni tí owó ọkọ̀ rẹ̀ pọ̀ yóò ti ṣírò rẹ̀ kó tó wá. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń bẹ̀rù pé àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nílẹ̀ yóò rí i. Bí ẹni tuntun bá máa gba ju àwọn tó ti pẹ́ lọ, ìjà yẹn ń bọ̀ lọ́nà kan tàbí òmíràn.

Orúkọ ilé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. "Dìpó ńlá kan" àti nọ́ńbà Wasáàpù ni àwọn gbájúẹ̀ ń lò. Òbí tó bá ní ọpọlọ kò ní jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí kò ní orúkọ. Ẹ kọ orúkọ, ẹ kọ àdírẹ́sì, ẹ sì kọ ọ́ pé ẹ kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ olùwáṣẹ́.

Ìkéde tí a tún hun wá rí báyìí, a fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà:

"Sítọ́kípà kan, ní …, Dùgbẹ̀, Ìbàdàn. Iṣẹ́ yín ni láti ka ọjà tó wọlé kí ẹ tó fọwọ́ sí wébíìlì, láti kọ ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde sínú káàdì ọjà àti sínú Excel, láti to ọjà kí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ máa tètè pé lè kọ́kọ́ jáde, àti láti ka gbogbo ọjà pẹ̀lú akọ̀wé owó ní ìparí oṣù. Àwọn alábàárù ló ń gbé ẹrù. Ìsàlẹ̀ ilé ni sítọ́ọ̀ wà, kò sí àtẹ̀gùn. Ohun tí a ń fẹ́: ìwé ẹ̀rí àṣejáde girama tó ní ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú, pé ẹ ti tọ́jú ọjà rí fún bí ọdún kan, ì báà jẹ́ ní ilé iṣẹ́ tàbí ní ṣọ́ọ̀bù ẹbí, pé ẹ gbọ́ Yorùbá tí ẹ lè sọ ọ́ dáadáa. Bí ẹ kò bá mọ Excel, a óò kọ́ yín ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Monday sí Saturday, aago 7:30 àárọ̀ sí aago 4:30 ìrọ̀lẹ́. Àyè wà fún ìrun Jímọ̀. Owó oṣù: ₦85,000 sí ₦95,000. A óò béèrè onídùúró méjì tó ti mọ̀ yín fún ọdún 2 ó kéré tán. Ẹ kọ lẹ́tà ojú ìwé kan nípa ọjà tí ẹ ti tọ́jú rí, ẹ fi ránṣẹ́ sí … tàbí kí ẹ mú un wá sí … kí ọjọ́ 21 oṣù yìí tó kọjá. Ẹ má fi fọ́tò sí i, ẹ má kọ ọjọ́ orí. Bí ẹ bá nílò ìrànlọ́wọ́ kan níbi ìdánwò, ẹ sọ fún wa. A kò gba owó lọ́wọ́ olùwáṣẹ́."

Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo gbà. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ kúrú fún ìwé ìròyìn, orúkọ iṣẹ́, owó, àkókò, ohun mẹ́ta tí ẹ ń fẹ́ àti ibi tí a ti lè rí ìyókù kò gbọdọ̀ ṣàìsí níbẹ̀. Ẹ yẹ gbólóhùn kan wò sí i: "a óò kọ́ yín ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́". Kí ọ̀gá tó kọ ìyẹn, kí ó rí i dájú pé ẹni tí yóò kọ́ni wà. Mo ti rí ìkéde tó ṣèlérí ẹ̀kọ́, tí ẹni tó débẹ̀ kò rí olùkọ́.

Ibi tí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ń ṣe ìyàsọ́tọ̀ bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Pátákó ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀gá nìkan yóò mú ọmọ ìjọ wá, bó ti wù kí a tún un hun tó. Kí ó dé mọ́ṣáláṣí àdúgbò, kí ó dé ẹgbẹ́ àwọn akanda ẹ̀dá ní ìpínlẹ̀, kí ó dé rédíò tó ń sọ Yorùbá.

Lẹ́yìn tí ìkéde bá jáde, àwọn lẹ́tà tó bá wọlé ni yóò sọ fún yín bóyá ó ṣiṣẹ́. Ẹ má dúró di ọjọ́ ìparí kí ẹ tó kà wọ́n. Ẹ ka ogún àkọ́kọ́. Bí lẹ́tà bá pọ̀ rẹpẹtẹ tí ọ̀pọ̀ wọn kò mẹ́nu kan ọjà rárá, àpèjúwe iṣẹ́ ni kò yéni tó, tàbí ẹ kò tẹnu mọ́ lẹ́tà ojú ìwé kan. Bí lẹ́tà kò bá ju mẹ́ta lọ, ẹ wo owó ná, kí ẹ tó wo ìwé ẹ̀rí. Bí obìnrin kankan kò bá kọ̀wé, tàbí tí gbogbo orúkọ bá jẹ́ ti ẹ̀sìn kan, ibi tí ìkéde dé ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti mọ́.

Fọ́ọ̀mù wá ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ ó kọ ìkéde tó mọ́, olùwáṣẹ́ ó dé ọ́fíìsì, akọ̀wé ó na fọ́ọ̀mù àtijọ́ sí i: ọjọ́ ìbí, ẹ̀sìn, ìpínlẹ̀ tí a ti bí ọ, ọkọ tàbí ìyàwó, iye ọmọ, fọ́tò. Àwọn nǹkan tí owó ìfẹ̀yìntì àti owó orí nílò wà nínú wọn, ọjọ́ tí a bá gba ẹni náà sí iṣẹ́ ni kí a béèrè wọn. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, ẹ fún gbogbo wọn ní ìdánwò kan náà: wébíìlì páálí 120, páálí 118 nílẹ̀ lójú wọn, méjì nínú rẹ̀ tó ti rin, àti ìṣẹ́jú 20. Ẹ fún ẹni tó bá tọrọ àfikún àsìkò nítorí ojú tàbí ọwọ́ rẹ̀. Kí ẹni tó ń máàkì má mọ orúkọ ẹni tó ni ìwé. Nọ́ńbà ni kí wọ́n kọ sí i lórí. Ẹ wo ẹni tó kọ àìpé náà sórí ẹ̀dà méjèèjì, tó sì gba ìfọwọ́sí dírẹ́bà kí ó tó fi tirẹ̀ sí i. Àwọn wọ̀nyẹn ni kí ẹ pè wọlé fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.